Igbá Ni Mo Gbé Wá

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí wọ́n kó wa láti Ìbàdàn lọ lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní Àkótógbó, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, bàbá mi kékeré ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí oko ọ̀pẹ. A ti dé ìdí igi tí wọ́n fẹ́ gùn kí wọ́n tó rántí pé nǹkan kan ṣẹ́ kù sílé. Wọ́n ní, "Sáré lọ mú ugbà ghá." Mo sáré. Ilé ò jìnnà. Mo bọ́ sí ilé ìdáná ìyá àgbà, mo wá igbá tó tóbi jù lọ níbẹ̀, mo gbé e lé orí, mo sì padà wá pẹ̀lú òógùn lójú. Inú mi ń dùn pé mo tètè dé.

Bàbá wo igbá náà, wọ́n wo ojú mi. Wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi wọn gíga ọmọ. "Ugbá," ni wọ́n wí, ọwọ́ náà sì gbéra sókè. "Ugbà," ọwọ́ náà rẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n padà lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn, pé ohun tí mo bá rí tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀ ni àwọn ń béèrè.

Okùn ni mo bá níbẹ̀, ó ki tó ọrùn ọwọ́ mi, ó le, ó sì ti ń dán nítorí bí ara èèyàn àti èèpo igi ti ń ra á láti ọjọ́ pípẹ́. Igbà nìyẹn. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ á fi yí igi ká, á fi yí ẹ̀yìn ara rẹ̀ náà ká, á so ó, á wá fara ti í. Bí ó bá fẹ́ gòkè, á sún mọ́ igi díẹ̀ kí okùn lè dẹ̀, á ju igbà náà sókè lára igi, á tún fara tì í, á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé èkejì. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí okùn kan ṣoṣo yẹn títí tó fi máa gé ẹyìn tó sì máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo rí bàbá lókè níbẹ̀, tí wọ́n fara ti igbà, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ igi, ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo fi igbá dípò rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìka. Igbá ni a fi ń bu nǹkan. Igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbá ni èso tí a ń jẹ, tí àwọn kan ń pè ní ìkàn. Ìgbà ni àsìkò. Igba sì ni iye, ọgọ́rùn-ún méjì. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan náà sì ni. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Olùkọ́ wa a máa fi mí, re, dò kọ́ wa, a sì máa fi ọwọ́ lu tábìlì bí a bá ṣì í. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ ti Yorùbá gangan, kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Sílébù àkọ́kọ́ lè wà ní àárín tàbí ní ìsàlẹ̀, kò lè wà lókè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì bí igbá ní ọ̀nà mẹ́fà péré tó lè gbà jáde. Márùn-ún nínú mẹ́fà ni gbogbo ilé ń lò lójoojúmọ́. Ìkẹfà ni ìsàlẹ̀ tí àárín tẹ̀ lé, a sì rí i nínú ìdílé mìíràn tó jẹ́ ti oko ọ̀pẹ gan-an: ẹyìn ni èso tí bàbá lọ gé, ẹ̀yìn ni ibi tí igbà gbà kọjá lára wọn, ẹyin ni adìẹ ń yé, ẹ̀yin sì ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń pariwo mọ́ pé ká kúrò nídìí igi kí ìdì ẹyìn má baà já lé wa lórí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ohùn òkè ni ohùn tó ga, tí wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tán-án-ná inú ọ̀fun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bí ó bá ṣe ń yára gbọ̀n tó ni ohùn ṣe ń ga tó. Ti ọkùnrin tó ti dàgbà lè gbọ̀n bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; ti ọmọdé lè tó 300. Èyí fi hàn pé nígbà tí èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá wí pé "igbà" tí mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ dáadáa, ìsàlẹ̀ ohùn tèmi lè ga ju òkè ohùn bàbá lọ. Síbẹ̀ wọn ò gbọ́ ọ ní igbá. Etí kì í wọn ohùn bí ẹni fi tépù wọn igi. Ó ń fi sílébù kan wé èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ohùn olúwarẹ̀ wé ibi tí ohùn ẹni náà sábà máa ń dé.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí etí ń lò tí a kì í mọ̀ pé à ń lò. Wí "ìgbá" jẹ́jẹ́. Gbá tó kẹ́yìn kì í ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó sì ń yọ́ gòkè. Wí "igbà". Gbà tó kẹ́yìn kì í dúró sójú kan, ó ń rọra yọ̀ lọ sílẹ̀ títí ohùn fi parí. Wá wí "igba", iye nì. Gba yẹn dúró gbọingbọin, kò yọ̀, kò gùn. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ kan wí fún ẹni tó wà ní yàrá kejì, yíyọ̀ àti àìyọ̀ yìí ló máa ń fi mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn àti iye. Mo ti rí àwọn tó kọ́ Yorùbá nígbà tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa fún ohùn ìsàlẹ̀ ìparí, àmọ́ tí wọ́n dì í mú síbì kan náà bí ẹni ń kọrin. Àwọn tó ń gbọ́ wọn á ní, "Kí lẹ wí?" Wọn ò jẹ́ kó yọ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn tó fi ẹ̀rọ wọn ohùn lẹ́nu. Wí gbólóhùn yìí kí o má yára: "Ó gbàgbé ìwé." Òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ohùn òkè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò ga dọ́gba. Ti "ó" ló ga jù, ti "gbé" rẹlẹ̀ sí i, ti "wé" tún rẹlẹ̀ sí ìyẹn, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà láàárín wọn ń fa èyí tó tẹ̀ lé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń gbọ́ "wé" yẹn tó máa sọ pé ó ti kúrò lókè. Etí ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo gbólóhùn náà ń lọ, ó sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí u tó wà nínú ugbà bàbá. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, "igbà" ni èmi ì bá wí. Àwọn ará Ìkálẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, a máa fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi i bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ní gh, ohùn ọ̀fun kan tó fara jọ ohùn ẹni tó fẹ́ fọ ẹnu, tí Yorùbá inú ìwé ti sọ di w. Ọwọ́ ni à ń pè ní ọghọ́, wá ni ghá. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn lọ́dún yẹn, ẹ̀ka èdè ti wọ̀ mí lẹ́nu, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù kan gbáko. Àmọ́ mo kíyè sí nǹkan kan tí n kò lè ṣàlàyé nígbà náà. Wọ́n ń fi u mi àti gh mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ ohun tí mo ń wí. Mo lè yí i padà sí u, kí n yí w padà sí gh, wọn á ṣì gbé ohun tí mo béèrè fún mi. Bí mo bá yí ohùn padà, igbá ni wọ́n máa gbé wá.

Bí a bá fi ugbá ti Ìkálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ti Ọ̀yọ́, fáwẹ̀lì ti yàtọ̀, ohùn dúró síbi tó wà: àárín, òkè. Ọghọ́ àti ọwọ́: kọ́ńsónáǹtì ti yàtọ̀, ohùn kò kúrò: àárín, òkè. N ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rí láti ìlú dé ìlú. Àwọn ibi kan wà tí ohùn pàápàá ti yí. Àmọ́ láti Àkótógbó dé Ìbàdàn, lẹ́tà ló ń pa aṣọ dà jù, ohùn kì í tètè pa á dà.

Ohùn tún ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà bá tilẹ̀ kú pátápátá, ohùn rẹ̀ lè má kú. Gbogbo wa la ń wí pé a lọ kẹ́kọ̀ọ́. Kọ́ àti ẹ̀kọ́ ni a so pọ̀. Fáwẹ̀lì méjì kò lè dúró síbẹ̀, ìkan gbọ́dọ̀ lọ, ọ tó wà nínú kọ́ ló lọ. K wá di mọ́ ẹ. Ohùn òkè tí kọ́ ní ṣì wà, ó bọ́ sórí ẹ yẹn. Ibo wá ni ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ gbà? Kò rí ibi jókòó mọ́, àmọ́ kò lọ. Ó sún sórí sílébù tó tẹ̀ lé e, ó lọ dúró síwájú ohùn òkè ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí kọ́ ìparí fi gùn tí a sì ń kọ ọ́ ní kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lórí irú ohùn ìsàlẹ̀ tó fara pamọ́ yìí ní 1966, ó sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ èdè káàkiri ayé ń lò láti fi hàn pé ohùn àti lẹ́tà kì í ṣe ohun kan náà, pé ibùjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ohùn ní.

Ẹni tí èyí bá ṣòro fún, kó lọ sí ilé ìdáná. Ká ní ìyá kan rán ọmọ pé kó mú igbá wá. Bí ó bá yára wí i, "múgbá wá" ni. Ká ní ìgbá tí a ń jẹ ló ní kó mú wá. Bí ó bá yára wí i, "múgbàá wá" ni. I ti lọ nínú méjèèjì. Ohun tó kù láti fi mọ̀ bóyá èso ni tàbí ohun tí a fi ń bu nǹkan ni ìrù kékeré tó wà lẹ́yìn gbá, níbi tí ohùn ti wọlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè. Ọmọ náà kò ní dúró ronú. Á mú ìgbá wá.

Nítorí náà, nígbà tí a bá kọ Yorùbá láìsí àmì ohùn, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni a yọ. Mo mọ ohun tó ná ìdílé wa.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òjò ìjì ṣí páànù ilé bàbá àgbà ní Àkótógbó. Èmi àti bàbá mi kékeré la jọ ń ṣètò àtúnṣe rẹ̀, wọ́n wà nílé, èmi wà ní Ìbàdàn. Owó méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ni ṣéńjì tí ẹni tó ta páànù fún wa ṣì fẹ́ dá padà, èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi. Èkejì ni owó iṣẹ́ káfíńtà, èyí tí èmi máa fi ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́rú kan, ní ìrọ̀lẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ bàbá wọlé sórí fóònù mi:

O o gba owo naa lola.

Mo kà á, ọkàn mi balẹ̀. Mo kà á sí "O ó gba owó náà lọ́la": ìwọ yóò gba owó náà, ìyẹn ṣéńjì páànù. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́bọ̀ dé, owó kò wọlé, mo ní kò burú, kí n fún wọn ní ọjọ́ kan sí i.

Ohun tí bàbá kọ ni "Ó ó gba owó náà lọ́la": òun, káfíńtà, ni yóò gba owó náà, kí n tètè fi ránṣẹ́. Káfíńtà wá lọ́jọ́bọ̀, kò bá owó. Ó wá lọ́jọ́ Ẹtì, kò bá a. Iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Òru Sátidé ni òjò tún rọ̀. Yàrá tí ìyá àgbà kó ẹrù wọn sí kò ní páànù lórí, àpótí aṣọ òkè wọn méjì sì wà nílẹ̀ yàrá náà. Bàbá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní, "Mo kọ̀wé sí ọ, o dúpẹ́, o wá dákẹ́." Ohùn wọn kò le, ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ohùn sókè, mo ní wọ́n sọ pé èmi ni mo máa gba owó. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta ká tó bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tí inú wa rọ̀, mo jókòó ti gbólóhùn náà. Kò tíì tán nínú rẹ̀. Ìkẹta wà níbẹ̀: "O ò gba owó náà lọ́la", ìwọ kò ní í gbà á, bí ẹni ń halẹ̀. Lẹ́tà kan ò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O kìíní ní ń sọ ẹni tó ṣe é: bí ó bá wà ní àárín, ìwọ ni, bí ó bá gòkè, òun ni. O kejì ní ń sọ bóyá ó máa ṣẹlẹ̀: bí ó bá gòkè, yóò ṣẹ, bí ó bá wà nísàlẹ̀, kò ní í ṣẹ. Ọ̀rọ̀ tó yà á sọ́tọ̀ kò sí nínú gbólóhùn náà rárá. Ohùn ló ń ṣe iṣẹ́ gírámà níbẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ orúkọ, ó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo tún rí ohun kan tí kò yé mi tẹ́lẹ̀. Ká ní àgbàlagbà ni káfíńtà náà, bàbá ì bá ti kọ "won". Ká ní èmi ni mo ń kọ̀wé sí bàbá, "e" ni èmi ì bá lò. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú èdè wa ń ràn wá lọ́wọ́ níbi tí àmì ohùn kò sí, nítorí ó ń fi lẹ́tà ọ̀tọ̀ pe àgbà. Àárín àgbà sí ọmọdé, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọdé mìíràn, ni o àti ó ti ń pàdé lójú kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa bọ́ sí.

Àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn pọ̀ jù, pé kò sí ẹni tó lè máa kọ ọ́ lórí fóònù. Mo lóye wọn. Ó gba sùúrù: èèyàn á tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ máa fi yọ jáde, á wá mú èyí tó fẹ́. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Àmọ́ ìlànà tí a jogún ti dín ìyà náà kù látilẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852, ó ti ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì láti fi ohùn hàn, òkè ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀. Ohùn àárín kì í gba àmì. Àìsí àmì ni àmì tirẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ìlànà ni, nítorí ó yọ ìdámẹ́ta ohùn kúrò lọ́rùn ẹni tó ń kọ̀wé. Ewu inú rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan kò bá fi àmì kankan sí i, ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá àárín ni gbogbo rẹ̀ tàbí ọ̀lẹ ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá lè fi àmì sórí gbogbo rẹ̀ kó fi sórí o, ó àti ò, kó fi sórí ọ̀rọ̀ owó, kó sì jẹ́ kí èyí tó kù wà. Igbá àti igbà, ẹni tó wà nídìí ọ̀pẹ á fi ojú yà á. O àti ó kò ní ohun tí ojú lè fi yà á.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ohùn ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Aládùúgbò wa ní Ìbàdàn, tó jẹ́ Igbo, fi ákwá ní ẹkún, ákwà ní aṣọ, àkwá ní ẹyin, àkwà ní ibùsùn yé mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ohùn méjì péré ló sì fi ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, níbi tí ohùn ti lè wọlẹ̀ kó sì tún gòkè nínú sílébù kan ṣoṣo tí a sì kà á sí ohùn kan. Ohun tó jọ mí lójú nípa tiwa ni bí ohùn wa ṣe dá dúró tó, débi pé a lè kó gbogbo lẹ́tà dànù kí ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ìlù dùndún ló ń ṣe ìyẹn. Onílù á fún ọsán mọ́ abẹ́ apá, awọ á le, ohùn á gòkè. Á tú u sílẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Ìlù kò ní b, kò ní k, kò ní fáwẹ̀lì kankan. Nítorí náà, bí ó bá lu àárín àti òkè, igbá ló wí, ilé náà ló wí, owó náà ló wí, ọwọ́ náà ló wí. Ìdí nìyẹn tí onílù tó mọṣẹ́ kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oríkì gígùn ni yóò lù, gbólóhùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, kí ohùn tó pọ̀ lè ya ohun tí ohùn méjì kò lè yà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ ní ìṣòro òdìkejì. Lẹ́tà wà níbẹ̀ pé, àmọ́ ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Bí orin bá fi ọ̀rẹ́ sórí ohùn méjì tó dọ́gba, ọrẹ ni etí gbọ́, a sì ń pe ẹni tó fẹ́ràn wa ní ohun tí a fi ta wá lọ́rẹ. Èkúndayọ̀ Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìlú Èkó, kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì jìjàkadì láti kọ orin tó máa bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá jókòó ní ìlà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkótógbó, tí mo ń gbọ́ àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ti yí orin náà padà fúnra wọn, tí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí dùùrù ti ń gòkè, nítorí ẹnu wọn kọ̀ láti pa ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé òjò yẹn, èmi fúnra mi lọ sílé. A ò gba káfíńtà mọ́. Bàbá ní àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń kan páànù kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì gun àkàbà lọ sókè bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Èmi wà nísàlẹ̀, mo ń gbé nǹkan fún wọn. Ìṣó wà ní ètè wọn, bíi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò lè la ẹnu. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n kùn pé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, mo na òòlù sí wọn. Wọ́n kùn pé ìsàlẹ̀ tó yọ́ lọ sókè, mo bu ìṣó sí i. A ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí n tó mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ti jáde lẹ́nu wọn láti àárọ̀.

Wọ́n wá kùn pé àárín, ìsàlẹ̀.

Mo dúró. Okùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ayùn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àárín, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Mo na okùn sókè. Wọ́n mi orí. Wọ́n tún kùn ún, wọ́n fi kún un lọ́tẹ̀ yìí, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Kò yà á síbẹ̀, nítorí bí ó jẹ́ mókùn wá tàbí máyùn wá, bákan náà ni yóò dún. Wọ́n rí i lójú mi. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi wọn igbá àti igbà fún mi lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n sì rẹ́ afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ayùn.